Ẹ gbé aṣọ aró yẹn sídìí àtùpà wò ná

"Ẹ jọ̀wọ́, eré ìgbà àtijọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ni mò ń kọ. Póródúsà ní kí n mú lúùkùbúùkù wá, ìwé àwòrán tó ń fi bí eré á ṣe rí hàn, kí àwọ̀, aṣọ àti bí kámẹ́rà á ṣe máa wò wà nínú rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Láti ara aṣọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orí fóònù lèmi ti bẹ̀rẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Ìtàn obìnrin aláró kan ni tèmi, ní 1947, ọdún tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí. Mo kó ojú ewé méjìlélógójì jọ: àwòrán fíìmù òyìnbó, ìyàwó tó wé gèlè gàgàrà, oòrùn tó ń wọ̀. Ó rẹwà o. Ìyá kan wà lára àwọn tá a gbé e lọ bá. Ó ṣí i dé ojú ewé kẹsàn-án, ó fi ìka lé e, ó ní: "Lẹ́ẹ̀sì rèé. Ta ló wọ irú èyí nígbà yẹn?" Òótọ́ ni, lẹ́yìn òmìnira ni irú lẹ́ẹ̀sì yẹn gbòde. Ó ṣí òmíràn, ó bá Kàmpálà pàdé, òun náà kò tíì dé nígbà náà. Ìyá pa ìwé dé.

Ni mo bá gba ọjà Ìtòkú lọ. Mo ra àdìrẹ mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀lú pa: ọ̀kan tí wọn ò rì sínú aró ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọ̀kan tó gba aró díẹ̀ sí i, àti èyí tó dúdú bí etù. Mo yá ògbólógbòó Olóba kan lọ́wọ́ ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ẹ mọ Olóba, àrà tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtẹ́ ní 1935. Ní 1947, ó ti pé ọdún méjìlá, nítorí náà èyí tó ti ṣá ni mo fi wọ obìnrin mi. Bí ìtàn yín bá ṣáájú 1935, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo fi àwọn aṣọ yìí kọ́ sára ògiri, àbúrò mi obìnrin dúró tì wọ́n. Mo ti kámẹ́rà pa sí 5600K, ìyẹn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó má bàa máa tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Mo ya wọ́n ní ibòòji lọ́sàn-án, mo yà wọ́n nírọ̀lẹ́, nígbà tílẹ̀ ṣú, mo tan àtùpà oníkẹrosíìnì. Háà! Àdìrẹ tó dúdú jù di aṣọ ọ̀fọ̀. Búlúù inú rẹ̀ pòórá pátápátá, ilà funfun ara rẹ̀ pọ́n bí epo. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà kò fi bẹ́ẹ̀ ní búlúù nínú, aró kò sì lè dá ohun tí kò tàn sí i lára padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òru ni ìdajì eré mi, àwọn obìnrin tó ń pàdé níkọ̀kọ̀.

Mo gbé ìran méjì sí ìrọ̀lẹ́. Nínú àwọn tó kù, mo wọ̀ wọ́n ní àdìrẹ tí kò gba aró púpọ̀, mo sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá díẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Nínú ìwé tuntun náà, ojú ewé mẹ́rìndínlógún péré, mo to wọn ní méjì-méjì: aṣọ kan náà ní ibòòji ọ̀sán lápá òsì, lábẹ́ àtùpà lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tá a gbé e lọ bá dúró sí tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè.

Ti kámẹ́rà kò pọ̀. Mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dé ojú ẹni tó jókòó ti ìkòkò aró, kò kúrò níbẹ̀ títí àwọn agbowó orí fi wọlé. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ́wọ́. Fọ́tò mẹ́ta tí mo yà fúnra mi ló ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò àtijọ́ o. Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ọjọ́un kì í rí pupa, àlàárì á jáde bíi dúdú, búlúù á sì funfun. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ró ìró àti ibi tó dé lẹ́sẹ̀, ẹ má mú àwọ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ tẹ ojú ewé kan ṣoṣo ná kẹ́ ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà gan-an. Tèmi jáde bí elésè àlùkò. Owó ẹ̀dà méje ló bá a lọ.