Ẹ̀jẹ̀ aláboyún: omi ló pọ̀ ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ló dín?

Ìbéèrè: Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà, PCV mi jẹ́ 32. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ ni?

Rárá. PCV ni ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Nínú oyún, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì pupa lọ, bí ọbẹ̀ tí a bu omi lé: ata inú rẹ̀ kò dín. Ẹ fi 3 pín 32, ẹ ó rí nǹkan bíi 10.7 himogilóbíìnì, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn. Ní oṣù mẹ́ta àárín oyún, ìgbà tó bá wọ abẹ́ 10.5 la tó ń pè é ní àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ká ní PCV yín jẹ́ 27 ni, mi ò ní sọ pé omi lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fẹ́rítìn wò, ìyẹn èròjà irin tí ara tọ́jú pamọ́. Bí fẹ́rítìn kò bá tó 30, irin ló ń tán, ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa náà á sì máa dín kù. Omi kì í sọ ọ́ di kékeré. Àmọ́ ibà lè gbé fẹ́rítìn sókè lọ́nà ẹ̀tàn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù nígbà ìbímọ lè tó ìdajì lítà. Ara tí omi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún un. Ẹni tó fi PCV 22 wọ yàrá ìrọbí kò ní àfipamọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíì lè fara dà lè mú kí wọ́n máa wá ẹ̀jẹ̀ fún un kíákíá. Oògùn irin sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ tún un yẹ̀ wò kó tó di oṣù kẹjọ.