Onísólà ní èrè ni, akáùńtáǹtì ní àdánù ni

*“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́, ẹ gbà mí o. Ẹni tó fẹ́ ta sólà fún mi ní ọdún méjì péré lowó mi máa fi padà sílé. Akáùńtáǹtì mi fi èlé báńkì ṣírò rẹ̀, ó ní gbèsè ni mo fẹ́ lọ jẹ. Ta ni kí n gbà gbọ́?”*

Àwọn méjèèjì ló ṣì í, ọ̀gá mi, ibi tí kálukú ti ṣì í ló yàtọ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ èmi náà ní 2025, nígbà tí a fẹ́ gbé sólà 100 kílówáàtì sórí òrùlé ilé iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù wa n'Íbàdàn. Kò ní bátìrì, ọ̀sán nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 100 náírà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún wa kọ yúnítì 130,000 lọ́dún, ó fi owó dísù ṣírò gbogbo rẹ̀, ó wá pè é ní mílíọ̀nù 47. Lóòótọ́, òrùn Ìbàdàn á mú yúnítì yẹn jáde. Àmọ́ mo lọ dúró níwájú ínfátà lọ́jọ́ Àìkú kan, oòrùn ń ta bí iná, kílówáàtì mẹ́ta péré ló wà lójú rẹ̀. Ọlọ́dẹ nìkan ló wà nílé iṣẹ́. Iná tí ẹ̀rọ ò bá lò, ó ti ṣòfò nìyẹn. Nígbà tí mo yọ ọjọ́ Àìkú, ìsinmi àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákú kúrò, yúnítì 100,000 ló kù.

Nínú ìyẹn, bí 40,000 bọ́ sí ìgbà tí iná ìjọba wà. Báńdì A ni wá, nǹkan bíi 209 náírà là ń san lórí yúnítì kan nígbà náà, kò sunmọ́ owó dísù rárá. 60,000 tó kù ló rọ́pò dísù, síbẹ̀ a ò lè pa jẹnẹrétọ̀ tí iná ìjọba bá lọ, torí òun ni sólà ń tẹ̀ lé. Tí ẹrù orí rẹ̀ bá sì kéré sí 30% agbára rẹ̀, epo inú rẹ̀ ò ní jó tán. Lóṣù kejì tí a ti ń lò ó, mo rí ọ́ìlì dúdú tó ń kán láti ẹnu páìpù èéfín. A ní láti so ohun tó ń dín sólà kù mọ́ ọn. Nítorí náà, 300 náírà ni mo kà sí yúnítì kan, kì í ṣe 363 tí wọ́n kọ. Tí a bá yọ owó fífọ páńẹ́lì àti àtúnṣe, mílíọ̀nù 25 là ń rí lọ́dún.

Akáùńtáǹtì tiwa mú mílíọ̀nù 25 yìí, ó tẹ́ ẹ lọ fún ọdún 15 láìyí i padà, ó wá fi èlé báńkì, 30%, dín owó ọdún kọ̀ọ̀kan kù sí iye tó jẹ́ lónìí. Ó bá mílíọ̀nù 82. Ó ní a ó pàdánù 18. Ọ̀wọ́ngógó wà nínú 30% yẹn: bíi 22% ni wọ́n kéde lóṣù kẹfà ọdún náà. Ẹ ò lè gbà nínú réètì pé náírà ń rù, kí ẹ tún máa ka lítà dísù sí 1,100 náírà títí di 2040. Tí réètì bá máa dúró ní 30%, owó dísù gbọ́dọ̀ máa ga lọ́dọọdún. Tí dísù bá máa dúró sí ti òní, ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú réètì, pínpín la sì fi ń yọ ọ́:

```
(1 + 0.30) / (1 + 0.22) - 1 = 0.066
```

Mi ò lo 6.6% yìí, ó kéré jù fún mi. Báńkì ní ìdógò lọ́wọ́. Tí dísù bá já wálẹ̀ tàbí tí onílé bá ní kí a kó jáde, èmi ni màá jẹ iyà rẹ̀. Mo gbé e sí 12%. Mo kọ 25 mílíọ̀nù sí B2 dé B16 nínú Excel, mo yọ 12 mílíọ̀nù kúrò ní B11, torí ọdún kẹwàá ni mo rò pé ínfátà máa kú, mo wá ní kó ṣírò NPV, ìyẹn iye tí gbogbo owó náà jẹ́ lónìí:

```
=NPV(12%,B2:B16)-100000000
```

Ẹ má kó mílíọ̀nù 100 yẹn sínú àkámọ́, òní lẹ ń san án. Èrè mílíọ̀nù 66 ló jáde. Mo wá ń gbé réètì ga títí èrè fi tán, ó di àárín 23% sí 24%. Ọkàn mi balẹ̀.

Kò yẹ kó balẹ̀. Ẹ̀yáwó ọdún mẹ́rin ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, ní 30%. Báńkì ń gba mílíọ̀nù 3.6 lóṣù, sólà ń bá wa dín mílíọ̀nù 2.1 kù. NPV ò fi ìyẹn hàn yín, torí èrè ọdún kejìlá àti ìkẹtàlá wà nínú rẹ̀, báńkì ò sì lè dúró dè é. Ẹ ya ìwé mìíràn sọ́tọ̀ fún un: owó tó wọlé lóṣù, owó báńkì lóṣù, ní náírà gangan. Èmi ò ṣe é. Nígbà tó di oṣù keje tí a ti ń san gbèsè náà, a ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tí a fi ń kó ọjà.