Ìpíndọ́gba tó súnmọ́ àti ìpíndọ́gba tó dúró

"Ẹ jọ̀ọ́, òfin aláìlágbára ti nọ́ńbà ńlá sọ pé ìpíndọ́gba á súnmọ́ μ, iye tí a ń retí, bí n, iye ìgbésẹ̀, bá ń pọ̀ sí i. Òfin alágbára náà tún sọ pé á súnmọ́ μ. Ibo gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀? Ṣé ó tilẹ̀ kan ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi, àbí ti ìdánwò lásán ni?"

Ó kàn án. Mo ti yege ìdánwò lórí òfin méjèèjì kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, iṣẹ́ tí mo sì fi oṣù bíi mélòó kan ṣe ló bàjẹ́ kí ó tó yé mi. Bí ìwé ṣe máa ń kọ wọ́n nìyí, ti aláìlágbára ló ṣáájú; P ni ìṣeéṣe, X̄ₙ ni ìpíndọ́gba iye n àkọ́kọ́, ε sì ni ìjìnnà tí a gbà láyè:

```
P(|X̄ₙ − μ| > ε) → 0   fún gbogbo ε > 0
P(X̄ₙ → μ) = 1
```

Ẹ wo ibi tí ọfà wà. Nínú ti àkọ́kọ́, ìta P ló wà. Nínú ìkejì, inú P ló wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n èmi kàn ń há a sórí ni nígbà yẹn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà dá lórí ohun kan tí iye rẹ̀ máa ń jẹ́ òfo lọ́pọ̀ ìgbà, tó sì máa ń dé pẹ̀lú iye ńlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni dídé rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n sí i, ṣùgbọ́n bó bá dé, ó máa ń tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣírò ìpíndọ́gba bó ṣe ń lọ. Mo wò ó láti ìgbésẹ̀ 100,000 dé 400,000, kò kúrò láàárín 0.1 sí òfo rárá. Mo dá ètò náà dúró, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ìpíndọ́gba ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o mọ̀ pé ó súnmọ́ ní 400,000 ni, àbí o mọ̀ pé kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́?" Mo ní ọ̀kan náà ni. Ó ní kí n jẹ́ kí ètò náà máa lọ. Kò lọ ju nǹkan bíi 12,000 ìgbésẹ̀ sí i tí ìpíndọ́gba fi fò kúrò ní 0.02 sí 1.02.

Ẹ jẹ́ kí n yọ gbogbo ohun tó lọ́jú pọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín. Ní ìgbésẹ̀ k, iye tí a máa rí jẹ́ +k tàbí −k, ọ̀kan kò sì wọ́pọ̀ ju èkejì lọ. Ìṣeéṣe pé ọ̀kan nínú wọn yóò wáyé jẹ́ 1/(k ln k). Bí kò bá wáyé, òfo ni. Ìgbésẹ̀ kan kò gbára lé òmíràn, iye tí a sì ń retí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òfo. Ètò yìí máa ń tẹ ìlà kan jáde ní gbogbo ìgbà tí iye kan bá wáyé:

```python
import random, math
s = 0
for k in range(2, 10**6 + 1):
    if random.random() < 1 / (k * math.log(k)):
        s += random.choice([-k, k])
        print(k, round(s / k, 3))
```

Ohun tí ó tẹ̀ fún mi nínú ọ̀kan lára àwọn ìrìn rẹ̀, ìyẹn ìgbà kan tí mo mú un ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nìyí:

```
3 1.0
41 -0.927
8119 0.995
412306 1.02
```

Mílíọ̀nù kan ìgbésẹ̀, ìlà mẹ́rin péré. Lẹ́yìn 8,119, àpapọ̀ jẹ́ 8,081, kò sì yí padà fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ìpíndọ́gba ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ó jẹ́ 0.081 ní 100,000, ó sì jẹ́ 0.020 ní 400,000. Ẹnikẹ́ni tó bá ya àwòrán rẹ̀ á búra pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni 412,306 dé, àpapọ̀ di 420,387, ìpíndọ́gba sì padà sí ibi tó wà nígbà tí k jẹ́ 3. Ní ìgbésẹ̀ mílíọ̀nù kan, ó ṣì wà ní 0.42. Bí ohunkóhun kò bá tún wáyé, ó di ẹ̀yìn 4,203,870 kí ó tó padà sí abẹ́ 0.1.

Ẹ kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Iye tó dé ní k tóbi tó k, orí k náà la sì ń pín àpapọ̀ sí, nítorí náà fífò kọ̀ọ̀kan ń ti ìpíndọ́gba ní nǹkan bí 1, ìbáà jẹ́ ní ìgbésẹ̀ kẹta ìbáà jẹ́ ní ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù kan. Èkejì ni pé bí ó bá fò ní k, ó nílò nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá k kí ó tó padà sínú 0.1.

Èyí jẹ́ kí ìṣirò rọrùn. Kí ìpíndọ́gba tó lè jìnnà ju 0.1 lọ ní ìgbésẹ̀ n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan pé fífò kan ti wáyé láàárín n/10 àti n. Bí a bá ṣe ìsọdipúpọ̀ àwọn ìṣeéṣe pé kò wáyé, ohun tó máa kù jẹ́ nǹkan bí ln(n/10)/ln n. Ìyẹn ni pé ìṣeéṣe pé ó wáyé jẹ́ nǹkan bí ln 10/ln n. Bí n bá jẹ́ 10ᵈ, 1/d nìyẹn. Ní mílíọ̀nù kan, d jẹ́ 6, ìṣeéṣe pé ìpíndọ́gba jìnnà jẹ́ nǹkan bí 1/6. Ní tírílíọ̀nù kan, 1/12. Ó ń lọ sí òfo díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Òfin aláìlágbára dúró níbí láìsí àríyànjiyàn.

Nísinsin yìí, ẹ má mú n kan ṣoṣo mọ́. Ẹ mú ìrìn kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Láti 10 dé 100 jẹ́ ìpele kan, láti 100 dé 1,000 jẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìṣeéṣe pé ìrìn yín yóò fò nínú ìpele tó parí sí 10ᵈ jẹ́ 1/d, ìpele kan kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èkejì. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 1/2 + 1/3 + 1/4 + 1/5, kí ẹ máa bá a lọ. Àròpọ̀ yìí kò lópin. Ohun tí Borel àti Cantelli fi yé wa ni pé bí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ kò bá gbára lé ara wọn, tí àròpọ̀ ìṣeéṣe wọn kò sì lópin, wọn yóò máa wáyé láìdáwọ́ dúró, ìṣeéṣe rẹ̀ sì jẹ́ 1. Bó pẹ́ bó yá, ìrìn yín á tún fò. Lẹ́yìn ìyẹn, bó pẹ́ bó yá, á tún fò. Kò sí ìrìn kankan tí ìpíndọ́gba rẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ níbí, àyàfi àwọn tí ìṣeéṣe wọn jẹ́ òfo. Òfin alágbára ti wó.

Báwo ni èyí ṣe bá ti àkọ́kọ́ mu? Ẹ ro ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí oníkálukú ń ṣe ìrìn tirẹ̀. Bí ẹ bá dá gbogbo wọn dúró ní n kan tó tóbi, díẹ̀ ni ẹ ó rí tó jìnnà sí òfo, bí n bá sì tóbi sí i, àwọn díẹ̀ náà á tún dín kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn kan náà ni wọ́n ń jìnnà nígbà gbogbo. Ó ń kárí wọn ni. Òfin aláìlágbára ń ka iye àwọn tó jìnnà ní àkókò kan. Òfin alágbára ń bi oníkálukú bóyá tirẹ̀ yóò dópin. Ohun tí ọ̀gá mi ń bi mí nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni ìdákẹ́jẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ìṣeéṣe pé kò ní sí fífò kankan láàárín 100,000 àti 400,000 jẹ́ ln 100,000 pín sí ln 400,000, ìyẹn nǹkan bí 0.89. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ṣe é, nǹkan bí mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni yóò rí ìdákẹ́jẹ́ kan náà, gbogbo wọn ni yóò sì tún fò lọ́jọ́ iwájú. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò fi ohunkóhun hàn nípa bóyá ìpíndọ́gba ń fìdí múlẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ ṣáájú? Bí àwọn iye yín kò bá gbára lé ara wọn, tí gbogbo wọn ń wá láti orí ìpínkiri kan náà, tí iye tí a ń retí sì lópin, Kolmogorov ti fi hàn pé òfin alágbára dúró. Kò sí ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ewu wà níbi tí ìtúká àwọn iye náà ń pọ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ, bíi tèmi. Níbẹ̀, ẹ mú fáríàńsì ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òṣùwọ̀n ìtúká rẹ̀, ẹ pín in sí k², kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá lópin, òfin alágbára dúró. Bí kò bá lópin, ìdánwò yìí nìkan kò sọ pé ó wó, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdí láti ṣọ́ra. Ní tèmi, fáríàńsì jẹ́ k/ln k, ohun tí à ń rò pọ̀ jẹ́ 1/(k ln k), àròpọ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ bíi ln ln n. Ìwé àti gègé ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí láti mílíọ̀nù kan dé tírílíọ̀nù kan, kò fi 0.7 pé lé sí i. Lójú ẹni, ó ti dúró.

Níbi tí òfin alágbára ti dúró, kò sọ ìgbésẹ̀ tí ìpíndọ́gba kò ní kúrò nítòsí μ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wulẹ̀ sọ pé ó wà ni, ó sì yàtọ̀ láti ìrìn dé ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kó lo ti Hájek àti Rényi ti ọdún 1955. Fún àwọn iye tó ní fáríàńsì kan náà, σ², tí wọn kò sì gbára lé ara wọn, Chebyshev sọ pé ìṣeéṣe pé ìpíndọ́gba jìnnà tó ε ní ìgbésẹ̀ n kan ṣoṣo kò ju σ²/(nε²) lọ. Hájek àti Rényi sọ pé ìṣeéṣe pé yóò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ní n tàbí nígbàkigbà lẹ́yìn n, títí ayé, kò ju 2σ²/(nε²) lọ. Ìlọ́po méjì péré! Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ ju owó ẹyọ tí kò lábùkù ní ìgbà 100,000, kí ε jẹ́ 0.01: ti n nìkan kò ju 0.025 lọ, ti títí ayé kò sì ju 0.05 lọ.

Nínú iṣẹ́ tèmi, ìṣeéṣe ti títí ayé jẹ́ 1 gan-an, ibi yòówù kí n dúró sí. Mo yọ "ti fìdí múlẹ̀" kúrò nínú ìròyìn náà. Ohun tí mo kọ dípò rẹ̀ ni pé ní ìgbésẹ̀ 400,000, ìṣeéṣe pé ìpíndọ́gba jìnnà sí òfo ju 0.1 lọ jẹ́ nǹkan bí 0.18, ọ̀gá mi sì fọwọ́ sí i.