Èsì: Tí báńkì bá yí àdéhùn padà lẹ́yìn onídùúró

"Mo dúró fún àbúrò ọkọ mi ní báńkì, kò san owó náà mọ́. Ṣé èmi ni wọ́n máa mú? Báwo ni mo ṣe lè bọ́?"

Ẹ kú ìrònú, mà. Lójú òfin Nàìjíríà, gbàrà tí ẹni tó yáwó bá ti kùnà, báńkì lè béèrè owó náà lọ́wọ́ yín. Kò pọn dandan kí wọ́n kọ́kọ́ pè é lẹ́jọ́, àfi tí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n yí àdéhùn padà lẹ́yìn yín. Ká ní ₦500,000 fún oṣù 12 lẹ fọwọ́ sí, tí wọ́n wá fi ₦300,000 kún un, tí wọ́n sì sún un sí oṣù 24 láì gba àṣẹ yín, ìyẹn lè tú yín sílẹ̀ pátápátá. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwé báńkì ló ní ìlà kan tó fún wọn láyè láti yí i padà láì sọ fún onídùúró. Ìlà yẹn ló ń dùn mí jù, torí àwọn èèyàn kì í kà á.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá padà san án, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ àbúrò ọkọ yín.