Kí ni kí n sọ fún àwọn tí kò lè wá sìnkú Màámi?

*Ẹ̀yin Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Màámi papòdà lẹ́ni ọdún 78, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa sin wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo tọ́jú wọn, ọwọ́ mi ni wọ́n dákẹ́ sí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Bùọ̀dá mi, àkọ́bí, wà ní Manchester. Ìwé ìgbélùú wọn ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, bí wọ́n bá sì jáde báyìí, ìwé náà á bàjẹ́. Àbúrò mi obìnrin wà ní Houston, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹbí ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére díẹ̀ sínú fóònù ká fi ránṣẹ́ sí wọn. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ dà bí ìwé ètò ìsìn, tí mo bá sì fẹ́ kà á, ẹkún ni. Bùọ̀dá mi ò fẹ́ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?*

*Ọmọ Tó Wà Nílé, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Màámi sí afẹ́fẹ́ rere, á sì rọ gbogbo yín lójú.

Ìdí tí ohun tí o kọ fi dà bí ìwé ètò ìsìn ni pé àwọn tó máa jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn á rí pósí, wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á dì mọ́ ara wọn. Bí o bá ní ìyá rere ni Màámi, wọ́n á ṣe àmín, ó tó wọn. Bùọ̀dá rẹ ò rí ìkankan nínú gbogbo èyí. Kò mọ bí Màámi ṣe lo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò mọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ fún wọn, kò mọ ibi tí ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ sí. Ohun tí kò mọ̀ yẹn ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Nítorí náà, má yin Màámi fún un, ó mọ ìyá tó bí i. Sọ ohun tí ìwọ rí tí òun ò rí.

Ìwọ lo wà níbẹ̀, ìwọ nìkan lo lè ṣe é. Sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ, láìfi oyin sí i, láìfi iyọ̀ sí i. Tí Màámi bá dárúkọ bùọ̀dá rẹ tàbí àbúrò rẹ lọ́jọ́ náà, sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí Màámi ò bá dárúkọ wọn, jọ̀wọ́, má dá ọ̀rọ̀ sí Màámi lẹ́nu láti tu ẹnikẹ́ni nínú. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíì tó wà nínú yàrá náà á sọ bó ṣe rí gan-an, bùọ̀dá rẹ á sì pàdánù ohun kan ṣoṣo tó gbá mú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o yọ kúrò pátápátá. Gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ níbi òkú yìí ló máa pa á lówe pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe gidi ni, mi ò sì ní kí wọ́n má pa á ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí nínú ohùn tó ń lọ sí Manchester. Ohun tí àkọ́bí tí kò lè wá máa gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé Màámi ò bí òun. Irú rẹ̀ náà ni “ìbá ṣe pé ẹ wà níbí” àti “gbogbo ayé ló ń béèrè yín.” Ìwọ á rò pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, ẹ̀bi ni yóò bá wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí yóò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó ti gùn jù. Ẹni tó bá ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń sọ bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ìwé kan nínú ìwé àjákọ, tàbí kó lé díẹ̀, ti tó ọ. Mo kọ èyí kí o lè rí bó ṣe máa rí. Ohun tí kò bá tiyín mu níbẹ̀, fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

“Bùọ̀dá mi, àbúrò mi, èmi ni. Inú yàrá Màámi ni mo wà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe lọ láti ẹnu mi.

“Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀. Wọ́n ní kò kan dáadáa, pé èmi ò mọ ògì rà láyé mi. Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí n gbé ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn àwọn. Wọ́n bi mí bóyá Bùọ̀dá ti pè. Mo ní ẹ ti pè. Wọ́n ní, ‘Ó ṣeun. Sọ fún un kó má fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi o.’ Lẹ́yìn náà wọ́n sùn. Ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi dákẹ́.

“Bùọ̀dá mi, Màámi mọ̀ pé ìwé yín ló dá yín dúró. Wọn ò fi ẹ̀sùn kàn yín, èmi náà ò fi kàn yín. Àbúrò mi, Màámi rí fọ́tò ọmọ. Wọ́n ní imú Bàbá ló gbé wá.

“Aṣọ òfì tí ẹ̀yin méjèèjì dáwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n pé 75 la máa wọ̀ fún wọn, ẹ̀gbẹ́ Bàbá la sì máa tẹ́ wọn sí. Tí àlùfáà bá ní kí àwọn ọmọ wá da erùpẹ̀, mo máa kọ́kọ́ bù ú lórúkọ Bùọ̀dá, màá dárúkọ yín sókè. Tèmi ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà màá bu ti àbúrò mi.

“Màámi, ó dìgbà, ó di gbéré, ó di àrìnnàkò. Bẹ́ ẹ bá dọ́run, ẹ má jọ̀kún, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kẹ́ ẹ bá wọn jẹ. Ẹ sùn re o.”

Ó parí síbẹ̀. Kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú wọ inú rẹ̀, láìsí àlàyé. Ní ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún, bí ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba bá jáde, wọ́n lè kà á sí pé ó ti fà á sẹ́yìn. Bùọ̀dá rẹ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá Màámi náà mọ̀ ọ́n. Ní ti erùpẹ̀, bá àlùfáà sọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kí o má baà ṣèlérí ohun tí wọn ò ní fún ọ láyè láti ṣe.

Tí o bá fẹ́ fi oríkì sí i, ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kó wà ṣáájú “ó dìgbà.” Oríkì orílẹ̀ ilé bàbá Màámi ni kí o lò, kì í ṣe ti ilé bàbá tiyín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi oríkì ilé ọkọ sin ìyá wọn. Bí ẹnìkan bá kù nínú àwọn ọmọ ìyá Màámi, bẹ̀ ẹ́ kó wá kì wọ́n fúnra rẹ̀. Ohùn àgbà yẹn á ṣe fún àwọn ará Houston àti Manchester ohun tí ìwọ ò lè ṣe.

Ẹkún ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni kí ohùn gbọ̀n, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ má yé èèyàn. Tí ẹkún bá dé, dákẹ́, mí kanlẹ̀, jẹ́ kí fóònù máa gbohùn lọ, kí o tún gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ojú gbólóhùn kan náà lo ti ń ṣubú ní gbogbo ìgbà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ti ọwọ́ tó wà lọ́wọ́, gé e kúrú tàbí kí o gbé e sọ́dọ̀ ìparí. Òwúrọ̀ ni kí o ṣe é, kó tó di alẹ́ àìsùn, torí lẹ́yìn orin àti ìkíni ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ á ti há.

Ohùn nìkan ni mo fẹ́, kì í ṣe fídíò. Tó bá jẹ́ fídíò, ojú rẹ tó wú ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ṣeé gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣeé gbọ́ lóru tí ọmọ bá ń mu ọmú. Yàrá tó ní kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ dára ju pálọ̀ lọ, torí pálọ̀ máa ń dún padà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa fáànù. Yí fóònù sí ipò ọkọ̀ òfúrufú, torí bí ẹnìkan bá pè ọ́ láàárín, ohùn lè gé. Mú un jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí èémí má baà máa fẹ́ lù ú. Kọ́kọ́ sọ gbólóhùn kan, fi íápíìsì gbọ́ ọ, kí o tó sọ gbogbo rẹ̀.

Jẹ́ kí olórí ẹbí gbọ́ ọ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ti wọ WhatsApp, o ò mọ ibi tó máa dé, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó, ilé àti àìsàn tí Màámi ò fẹ́ kí ayé mọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Ìgbà tí o máa fi ránṣẹ́ ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ. Ní alẹ́ àìsùn, àwọn èèyàn á ti máa gbé fọ́tò Màámi nínú pósí sórí sítétọ́ọ̀sì wọn, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé bùọ̀dá rẹ ń wò ó. Ohùn rẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú fọ́tò yẹn. Fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sídé, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, má jù ú sínú gúrúùpù ẹbí. Kọ ìlà kan ṣáájú: “Ọ̀rọ̀ Màámi ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ráyè jókòó,” kí bùọ̀dá rẹ má ṣí i níbi iṣẹ́. Ní Houston, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, méje nígbà òtútù. Bá ọkọ àbúrò rẹ sọ ọ́ kó lè wà nílé, kó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Má ní kí wọ́n fèsì. Bí bùọ̀dá rẹ ò bá sọ nǹkan kan, fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi sìnkú tán, lẹ́yìn náà kí o pè é láti sọ fún un pé o ti bu erùpẹ̀ tirẹ̀.