Èsì: Bíróògì ni àbí lófà?

"Wọ́n lu ihò wínníwínní sí iwájú bàtà yìí, kò sì ní okùn. Ẹni tó ń tà á ní Kábbà ní bíróògì ni, àbúrò mi ní lófà ni. Ta ló tọ̀nà?"

Òkun o. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Lófà ń sọ bí a ṣe ń wọ bàtà: kò sí okùn tí à ń so, ẹsẹ̀ kàn ń wọlé ni. Bíróògì ń sọ ọnà tó wà lára awọ. Láyé àtijọ́ ní Ireland àti Scotland, ihò yẹn máa ń já kí omi irà lè ṣàn jáde; tòde òní, ẹwà lásán ni. Lófà tí wọ́n ṣe ọnà bíróògì sí ni tiyín.

Gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lófà ò ní okùn tẹ́ ẹ lè fún, awọ sì máa ń fẹ̀ sí i. Mo wọ èyí tó tóbi díẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìyàrà. Ká tó jó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti bọ́ sẹ́yìn! Ẹ dán an wò nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ, ẹ fi sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà obìnrin kan rí: múùlù ò ní ẹ̀yìn rárá, sílíńgíbáàkì ní ọ̀já kan ṣoṣo lẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí ọ̀já náà bá ń yọ̀ wálẹ̀, kí ṣúmékà lu ihò kan sí i. Bóòtù tó bo kókósẹ̀ kì í sábà bọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wọ ìyẹn nínú oòrùn Kábbà?