Ibi tí ìwúwo lẹ́tà L onírin wà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Wẹ́dà ni mí ní Ọ̀fà. Mo gé lẹ́tà L lára ṣíìtì irin mílímítà 3 fún oníbàárà tó fẹ́ gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 80, ìdí rẹ̀ jẹ́ 60, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ ní 20. Mo lu ihò sáàárín orí rẹ̀, ó ku sẹ̀ńtímítà 4 kó dé etí òkè, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e kọ́ báyìí, ṣe ló dàgẹ̀rẹ̀. Níbo ni kí n lu ihò sí?

Ìdáhùn: Ohun tí a bá fi ojú kan ṣoṣo gbé kọ́ kì í dúró títí àárín ìwúwo rẹ̀ yóò fi bọ́ sí abẹ́ ojú ibẹ̀ gan-an. Àárín ìwúwo L yín kò sí lábẹ́ ihò yẹn, ìyẹn ló fà á tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wálẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí igun ìta nísàlẹ̀ lápá òsì jẹ́ òdo. Ibẹ̀ ni kí téèpù ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tí yóò ya ọwọ́ tó dúró sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀, ẹ ó rí onígun mẹ́rin méjì. Èyí tó dúró jẹ́ 20 lọ́nà 80, ìyẹn 1600. Ẹsẹ̀ tó kù jẹ́ 40 lọ́nà 20, ìyẹn 800. Ẹsẹ̀ kì í tún ṣe 60 mọ́, torí pé ọwọ́ tó dúró ti mú igun lọ. Ẹni tó bá kà á sí 60 ti ka igun yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Àárín onígun mẹ́rin kò ṣòro: ẹ fa ìlà láti igun dé igun, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni. Ti ọwọ́ tó dúró wà ní 10 sí ọ̀tún, 40 sí òkè. Ti ẹsẹ̀ wà ní 40 sí ọ̀tún, 10 sí òkè. Ibi 40 yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í: wọ́n á wọn ẹsẹ̀ láti etí tirẹ̀, wọ́n á kọ 20, wọ́n á sì gbàgbé pé 20 mìíràn wà láàárín etí yẹn àti òdo.

```
ọ̀tún: (1600 × 10 + 800 × 40) ÷ 2400 = 20
òkè:  (1600 × 40 + 800 × 10) ÷ 2400 = 30
```

Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ pa ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn rẹ́, kí ẹ gé e lọ́nà mìíràn. Ẹ mú gbogbo ìdí, 60 lọ́nà 20, kí ẹ fi èyí tó kù lókè sílẹ̀, 20 lọ́nà 60. Méjèèjì di 1200, wọ́n dọ́gba, nítorí náà àárín ìwúwo gbọ́dọ̀ wà ní agbedeméjì àárín tiwọn. Ọ̀kan wà ní 30 àti 10, èkejì ní 10 àti 50. Agbedeméjì wọn ni 20 àti 30. Bí ìgé méjèèjì kò bá fẹnu kò, ẹ ti ṣe àṣìṣe níbì kan.

Ní báyìí, ẹ wo ibi tó bọ́ sí: etí inú ọwọ́ tó dúró gan-an ni. Ihò yín wà ní 10, àárín ìwúwo sì wà ní 20, ó fi sẹ̀ńtímítà 46 wà nísàlẹ̀ ihò. Ìdí L yóò fi nǹkan bíi dígíríì 12 dàgẹ̀rẹ̀, ṣóńṣó ẹsẹ̀ yóò sì fi bíi sẹ̀ńtímítà 13 lọ sílẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i.

Ihò gbọ́dọ̀ wà lókè 20, àmọ́ ibẹ̀ ni irin parí sí. Ẹ jó irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ igun òkè lápá ọ̀tún, kó fẹ̀ ní 4, láti 18 dé 22, kí ihò rẹ̀ sì wà ní 20 géérégé. Ìwúwo irin kékeré yẹn kò ní da nǹkan kan rú, torí orí ìlà 20 kan náà ni òun náà wà.

Tí oníbàárà bá ní ṣéènì méjì lòun fẹ́, ẹ má fi méjèèjì sórí òkè. Bí ẹ bá lu ihò sí 3 àti 17, ìwúwo wà ní 20, lẹ́yìn méjèèjì: ṣéènì ti 3 yóò dẹ̀, L yóò sì tún dàgẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sí 10 lókè, èkejì sí 50 lórí ẹsẹ̀, kí méjèèjì sì lọ sókè tààrà. Gbogbo L wúwo tó kílò 5.65, ṣéènì ti òkè yóò gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ti ẹsẹ̀ yóò gbé ìyókù.

Fífẹ̀ ojú irin nìkan la fi ṣírò torí pé nínípọn rẹ̀ kan náà ni. Bí ẹ bá lọ fi ṣíìtì mílímítà 6 ṣe ẹsẹ̀, ẹ ka 800 rẹ̀ sí 1600, àárín ìwúwo yóò sì bọ́ sí 25 àti 25, níbi tí kò sí irin rárá. Ihò náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ sí 25.